Ìròyìn títà oṣù: ₦640,000 ló dín sí tágẹ́ẹ̀tì, báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀?

Akọ̀wé Òkè Àrín
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń kọ ìròyìn títà oṣooṣù ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ọṣẹ ní páálípáálí ní Òkè Àrín, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọ̀gá ti dá ti oṣù yìí padà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo kọ nìyí: "Tágẹ́ẹ̀tì wa jẹ́ ₦29,400,000. A ta ₦28,760,000. Ó dín ní ₦640,000, ìyẹn 2.2%. Ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ yá lóṣù yìí, òjò sì pọ̀." Ọ̀gá fi báírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pé: "Ọjà wo ni kò yá? Kí ló dé?"

Bó ṣe wà nínú ìwé nìyí:

Ọṣẹ lúbúlúbú: tágẹ́ẹ̀tì ẹ̀ páálí 1,000, ₦18,000 ní páálí kan. A ta 880, owó ẹ̀ jẹ́ ₦18,040,000.
Ọṣẹ gígùn: tágẹ́ẹ̀tì ẹ̀ páálí 600, ₦15,000 ní ọ̀kan. A ta 640, owó ẹ̀ jẹ́ ₦9,280,000.
Ọṣẹ olómi: tágẹ́ẹ̀tì ẹ̀ páálí 200, ₦12,000 ní ọ̀kan. A ta 120, owó ẹ̀ jẹ́ ₦1,440,000.

Lójú tèmi, ọṣẹ olómi ló ba oṣù jẹ́, torí pé lúbúlúbú àti gígùn ti kọjá tágẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n kàn ṣàlàyé ti olómi nìkan ni?

Ìyá Ìbejì Múṣin
Ọmọ mi, owó tó wọlé ni kó o kọ́kọ́ wò. Lọ́dọ̀ tèmi ní Múṣin, ọjà tí wọ́n bá gbé láwìn, mi ò kà á mọ́ ohun tí mo tà àfìgbà tí owó ẹ̀ bá dé. Mélòó ló wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà yín nínú ₦28 mílíọ̀nù yẹn? Ibẹ̀ ni ọ̀gá ẹ ń wò.

Bàbá Ìṣirò
Ìyá Ìbejì, ẹ kú làákàyè, ṣùgbọ́n gbèsè ní ìwé tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ọjà tó jáde ni wọ́n fi ṣe tágẹ́ẹ̀tì fún un, kì í ṣe owó tó wọlé. Tó bá gbé owó tó wọlé sí ẹ̀gbẹ́ tágẹ́ẹ̀tì yẹn, àwìn oṣù tó kọjá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ san á dà bí ọjà tí wọ́n tà lóṣù yìí, ìyàtọ̀ tó bá sì rí níbẹ̀ kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Akọ̀wé, o ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ò ń pa làpálàpá. Lúbúlúbú ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. ₦40,000 péré ló fi kọjá tágẹ́ẹ̀tì, ìdí nìyẹn tí ojú ẹ fi fò ó. Ṣùgbọ́n páálí 120 ló dín níbẹ̀! Owó tí wọ́n fi kún orí páálí ló bo ihò yẹn mọ́lẹ̀.

Gbogbo ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín tágẹ́ẹ̀tì àti ohun tá a tà, ọ̀nà méjì ló gbà wá: bóyá iye páálí yí padà, bóyá owó páálí yí padà. Ya méjèèjì sọ́tọ̀ kó o tó kọ ọ̀rọ̀ kankan. Páálí 120 tí kò tà, lọ́nà ₦18,000 tó wà nínú tágẹ́ẹ̀tì, ó jẹ́ ₦2,160,000 tó dín. Lẹ́yìn náà, wo 880 tó tà. Ká ní iye tó wà nínú tágẹ́ẹ̀tì lẹ tà á ni, ₦15,840,000 ni ì bá jẹ́. ₦18,040,000 ló mú wá. Ìyẹn ni pé owó páálí fi ₦2,200,000 kún un. Yọ ₦2,160,000 kúrò níbẹ̀, ₦40,000 ẹ náà ló kù yẹn.

Nínú Ẹ́sẹ́ẹ̀lì, fi páálí tágẹ́ẹ̀tì sí B, owó páálí tágẹ́ẹ̀tì sí C, páálí tó tà sí D, àpapọ̀ owó tó tà sí E. Wàá wá kọ mẹ́ta yìí sí F, G àti H:

```
=(D2-B2)*C2
=E2-D2*C2
=E2-B2*C2
```

Àkọ́kọ́ ni ti iye páálí, ìkejì ni ti owó páálí, ìkẹta ni gbogbo ìyàtọ̀. F àti G pa pọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ H lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá bára mu, o ti ṣi ọ̀kan kọ nínú mẹ́ta yẹn nìyẹn. Wò ó pé mi ò ní kó o kọ owó páálí tẹ́ ẹ tà á gan-an sínú àpótí kankan. Àpapọ̀ owó dára jù ú lọ, torí pé ní Òkè Àrín, iye tí wọ́n ta páálí kan láàárọ̀ lè má jẹ́ iye tí wọ́n tà á nírọ̀lẹ́.

Akọ̀wé Òkè Àrín
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe é. Lúbúlúbú: páálí −₦2,160,000, owó +₦2,200,000. Gígùn: páálí +₦600,000, owó −₦320,000. Olómi: páálí −₦960,000, owó òdo. Àpapọ̀ páálí jẹ́ −₦2,520,000, ti owó jẹ́ +₦1,880,000. Ó bára mu pẹ̀lú −₦640,000.

Bàbá Ìṣirò
Ó dáa. Ní ti páálí nìkan, 8.6% lẹ fi dín sí tágẹ́ẹ̀tì. 2.2% tó o kọ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó fi ojú oṣù náà pamọ́.

Ọmọ Yábà
Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé owó lúbúlúbú yẹn tọ̀nà? Tá a bá pín in dọ́gba, ₦20,500 ni wọ́n ta páálí kan, ó fi ₦2,500 ju tágẹ́ẹ̀tì. Tágẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ páálí 1,000. Nítorí náà ₦2,500,000 ló yẹ kí ìyàtọ̀ owó jẹ́, kì í ṣe ₦2,200,000. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn.

Bàbá Ìṣirò
Ọmọ Yábà, fi ₦2,160,000 yọ nínú ₦2,500,000 tìẹ yẹn. ₦340,000 ló máa kù. Gbogbo ìyàtọ̀ ọ̀hún sì jẹ́ ₦40,000. Níbo ni ₦300,000 tó lé yẹn ti wá? Páálí 120 tí kò kúrò ní sítọ́ọ̀ lo fi ₦2,500 kún lórí. Ọjà tí wọn ò tà ò lè gba ẹ̀kúnwó.

Ọmọ Yábà
Àwọn kan máa ń ya ₦300,000 yẹn sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà kẹta, "páálí àti owó pọ̀". Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá Ìṣirò
Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní ṣàṣìṣe ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n tó o bá kọ ọ́ sínú ìròyìn ojú ìwé kan, ọ̀gá á béèrè ohun tó túmọ̀ sí, ìwọ náà á sì máa wá ọ̀rọ̀. Èyí tó burú jù ni kéèyàn lo ẹ̀yà méjì lóṣù yìí, kó lo mẹ́ta lóṣù tó ń bọ̀. Oṣù méjèèjì ò ní ṣeé fi wéra mọ́.

Sítọ́ọ̀kípà Àpápá
Ẹ ti ṣe ìṣirò tán, ẹ wá gbọ́ ti sítọ́ọ̀. Nọ́ńbà yín sọ ibi tó ti dín, kò tíì sọ ìdí. Akọ̀wé, lọ mú káàdì sítọ́ọ̀kì ti olómi. Wo ibi tí ohun tó ṣẹ́ kù ti di òdo, wo ọjọ́ tí ọjà tuntun wọlé. Bí òdo bá wà níbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, má kọ ọ́ pé ọjà ò yá. Ohun tí kò sí nílẹ̀ kò lè yá.

Bí o bá ti wà níbẹ̀, wo ínfóìsì lúbúlúbú náà. Ọjọ́ wo gan-an ni owó yí padà, páálí mélòó ló sì jáde ṣáájú ọjọ́ yẹn?

Akọ̀wé Òkè Àrín
Mo ti wo méjèèjì. Olómi tán ní alẹ́ ọjọ́ kẹjọ, òmíràn kò wọlé títí di àárọ̀ ọjọ́ kọkànlélógún. Tí mo bá yọ ọjọ́ Àìkú kúrò, ọjọ́ mẹ́wàá tá a ṣí ṣọ́ọ̀bù ni kò fi sí. Ọjọ́ 26 la fi tajà lóṣù náà.

Owó lúbúlúbú kúrò ní ₦18,000, ó di ₦22,000 ní ọjọ́ kọkànlá. A ta 330 ní owó àtijọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, a sì ta 550 ní owó tuntun láàárín ọjọ́ méjìdínlógún.

Sítọ́ọ̀kípà Àpápá
Ó kúkú ti fọhùn. Tágẹ́ẹ̀tì olómi jẹ́ 200 fún ọjọ́ 26, ó súnmọ́ páálí 7.7 lójúmọ́. Ọjọ́ 16 tí ọjà fi wà nílẹ̀, ẹ ta 120, ìyẹn 7.5 lójúmọ́. Ọjà yá bó ṣe yẹ kó yá. Ọjọ́ mẹ́wàá lọ́nà 7.7 jẹ́ páálí 77. Nínú 80 tó dín, ẹni tó yẹ kó béèrè ọjà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tí kò tètè béèrè ló ni 77. Mẹ́ta tó kù, má wulẹ̀ dárúkọ wọn.

Ohun kan wà tó lè tan èèyàn jẹ níbí o. Tí àwọn oníbàárà bá dúró de ọjà náà, tí wọ́n sì ra ìlọ́po méjì lọ́jọ́ tó dé, a jẹ́ pé tiyín ò pàdánù, ó kàn sún síwájú ni. Wo ọjọ́ 21 àti 22. Tí páálí tó jáde lọ́jọ́ méjèèjì bá fi púpọ̀ ju 15 lọ, dín 77 yẹn kù nínú àlàyé ẹ.

Akọ̀wé Òkè Àrín
Ọjọ́ méjèèjì pa pọ̀, 16 ló jáde.

Sítọ́ọ̀kípà Àpápá
Kò sẹ́ni tó dúró dè yín nìyẹn. Wọ́n ti rìn débi tó wà.

Bàbá Ìṣirò
Ní ti lúbúlúbú, ṣe ohun kan náà. Tágẹ́ẹ̀tì ń béèrè nǹkan bíi 38 lójúmọ́. Kí owó tó gun, ẹ ń ta 41. Lẹ́yìn tó gun, ó já sí nǹkan bíi 31. Ìyípadà owó ni ìdí, déètì ẹ̀ sì wà lórí ínfóìsì. Ṣùgbọ́n má yára fi gbogbo ẹ̀ lé ẹ̀kúnwó lórí. Ọjà kì í gun ní Òkè Àrín kí àwọn alátùntà má ti gbọ́ fínrín ẹ̀. Nínú 41 yẹn, àwọn kan ti ń rà pamọ́ ni, àwọn ni kò sì padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bó o ṣe máa mọ̀ ni pé kó o wo lúbúlúbú ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù nìkan. Tó bá ti ń gòkè padà sí 35, 36, ìpamọ́ ló fà á. Tó bá ṣì wà ní 31 tàbí kó dín, owó tuntun ni kò bá àpò wọn mu, tágẹ́ẹ̀tì oṣù tó ń bọ̀ náà sì ti wà nínú ewu.

Òjò tó o kọ yẹn, pa á rẹ́. Òjò kì í yan ọṣẹ. Ká ní òjò ni, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ì bá dín lọ́jọ́ kan náà, gígùn sì fi 40 kọjá tágẹ́ẹ̀tì. Àwáwí ni ọ̀gá rí níbẹ̀, ìyẹn ló fi lo báírò pupa.

Ìyá Ìbejì Múṣin
Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n tún bi yín ní ọ̀kan. Gígùn yìí, kí ló dé tí owó ẹ̀ fi dín nígbà tí ti lúbúlúbú ń gun?

Akọ̀wé Òkè Àrín
Ẹ̀dínwó ni mà. Ẹni tó bá ra páálí 20 sókè, a máa ń yọ ₦1,000 fún un lórí páálí kọ̀ọ̀kan. 320 nínú 640 ló jáde ní ₦14,000. Ìdí tí owó fi dín ní ₦320,000 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dínwó náà ló mú páálí 40 wá, ₦600,000 sì nìyẹn, a ṣì jèrè ₦280,000.

Bàbá Ìṣirò
Dúró ná. Ẹ kò jèrè ₦280,000, ọjà tí iye ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ tà kọjá tágẹ́ẹ̀tì. Èlò lèrè yín lórí páálí gígùn kan tẹ́ ẹ bá tà á ní ₦15,000?

Akọ̀wé Òkè Àrín
₦1,500.

Bàbá Ìṣirò
Páálí 40 lọ́nà ₦1,500 jẹ́ ₦60,000. Èyí tí wọ́n fi wá a ni ₦320,000, inú èrè ló sì ti jáde gbáko, torí pé iye tẹ́ ẹ ra ọjà náà ò dín. Nínú ìròyìn títà, ìlà gígùn dára. Nínú àpò ọ̀gá, ₦260,000 ti fò lọ.

Ẹlẹ́rù Ìdúmọ̀tà
Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ èyí. Ìṣirò yín gbà pé 600 ì bá tà bẹ́ẹ̀ náà láìsí ẹ̀dínwó. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ń ra 20 páálí ní Ìdúmọ̀tà, ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló máa yà kó tó ra. Tí ìwọ ò bá yọ ₦1,000, ẹni tó kàn á yọ ọ́. Nínú 320 yẹn, ó lè jẹ́ 200 ni ì bá bá ẹlòmíì lọ.

Bàbá Ìṣirò
Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ 200 ni ì bá lọ, èrè ₦300,000 ni ì bá bá a lọ, ẹ̀dínwó ₦320,000 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀nà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí dà? Kí Akọ̀wé wo orúkọ àwọn tó gba ẹ̀dínwó, kó wo iye tí wọ́n rà lóṣù méjì sẹ́yìn. Àwọn tó ti ń ra 20 tẹ́lẹ̀ láìsí ẹ̀dínwó, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún wọn.

Ẹlẹ́rù Ìdúmọ̀tà
Oṣù méjì sẹ́yìn, àwọn ṣọ́ọ̀bù yòókù ò tíì máa yọ owó. Kò ṣeé fi wéra.

Ọmọ Yábà
Ẹ jẹ́ n mú nǹkan míì wá. Ṣé fáàtì ò sí nínú owó tó kọ yẹn? Ọṣẹ wà lára ọjà tó ń san 7.5% láti oṣù kejì ọdún 2020. Bí tágẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ èyí tí kò ní fáàtì, tí ó sì gbé àpapọ̀ ìsàlẹ̀ ínfóìsì, owó páálí á dà bí èyí tó gun nígbà tí kò gun.

Bàbá Ìṣirò
Ọmọ Yábà, ìbéèrè gidi lo béèrè yìí. Àmì ẹ̀ máa ń hàn: gbogbo ọjà ni owó ẹ̀ á fi 7.5% ju tágẹ́ẹ̀tì lọ, títí kan èyí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Ti Akọ̀wé ò rí bẹ́ẹ̀, òdo ni olómi. Ẹni tó bá rí àmì náà, kó pín àpapọ̀ ínfóìsì pẹ̀lú 1.075. ₦21,500 á di ₦20,000. Kó má yọ 7.5% lára ₦21,500 o, torí ₦19,887.50 ló máa bọ́ sí, kò sì tọ̀nà.

Sítọ́ọ̀kípà Àpápá
Kó tún wo wébíìlì ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù. Ọjà tí wọ́n kó sọ́kọ̀ lálẹ́ ọjọ́ 30, tí oníbàárà fọwọ́ sí ní ọjọ́ kìíní oṣù tuntun, oṣù wo ló wà? Ẹ mú ọ̀kan, ẹ dúró lórí ẹ̀. Ibi tí mo ti rí i tó ń dà rú ni pé oṣù tó bá dín sí tágẹ́ẹ̀tì, wọ́n á kà á mọ́ ọn. Oṣù tó bá ti kún, wọ́n á tì í sí iwájú.

Akọ̀wé Òkè Àrín
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo wo ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn lúbúlúbú, ọgbọ̀n lójúmọ́ ni, kò gòkè padà. Ohun tí mo fẹ́ kọ nìyí, ẹ bá mi wò ó:

"A ta ₦28,760,000, ó fi ₦640,000 dín sí tágẹ́ẹ̀tì. Páálí tó dín gba ₦2,520,000 lọ, owó páálí tó yí padà dá ₦1,880,000 padà.

Lúbúlúbú: páálí 120 ló dín, −₦2,160,000. Títà já láti 41 lójúmọ́ sí 31 lẹ́yìn tí owó gun láti ₦18,000 sí ₦22,000 ní ọjọ́ 11. Ẹ̀kúnwó náà mú +₦2,200,000 wá. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, 30 lójúmọ́ ni. Kò tíì sí àmì pé yóò gòkè padà.

Olómi: páálí 80 ló dín, −₦960,000. 77 nínú ẹ̀ jẹ́ nítorí pé ọjà kò sí nílẹ̀ fún ọjọ́ ìtajà mẹ́wàá. Lọ́jọ́ tí ọjà wà, a tà bí tágẹ́ẹ̀tì ṣe fẹ́.

Gígùn: páálí 40 ló lé, +₦600,000. Ẹ̀dínwó lórí páálí 320 mú −₦320,000 wá."

Bàbá Ìṣirò
Ó mọ́. Lábẹ́ olómi, fi ìlà kan kún un: ìgbà tí ọjà bá ṣẹ́ ku páálí mélòó lẹ máa béèrè òmíràn. Bí iléeṣẹ́ bá ń gba ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó kó o dé, tí ẹ sì ń ta 7.7 lójúmọ́, 77 ni ìsàlẹ̀ pátápátá, fi bíi 20 kún un. Lábẹ́ gígùn, kọ èrè ₦60,000 àti ẹ̀dínwó ₦320,000 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ọ̀gá fúnra ẹ̀ dájọ́ ọ̀rọ̀ èmi àti Ẹlẹ́rù.

Ẹlẹ́rù Ìdúmọ̀tà
Kó kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé àwọn ṣọ́ọ̀bù tó yí wa ká ń yọ ₦1,000.

Akọ̀wé Òkè Àrín
Màá kọ méjèèjì. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n yí tágẹ́ẹ̀tì lúbúlúbú sí ₦22,000 láti ọjọ́ 11, kí ìyàtọ̀ owó lè kúrò níbẹ̀?

Ọmọ Yábà
Yí i. Tágẹ́ẹ̀tì tí owó ẹ̀ ti kú, kí la fẹ́ fi ṣe?

Bàbá Ìṣirò
Má yí ti oṣù tó ti parí. Tí tágẹ́ẹ̀tì bá ń tẹ̀ lé ohun tó ṣẹlẹ̀, ₦2,200,000 yẹn á pòórá kúrò nínú ìwé, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ̀kúnwó ló gbé oṣù náà dúró. Ti oṣù tó ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ₦22,000 ṣe, kẹ́ ẹ sì dín páálí 1,000 yẹn kù tí ọ̀gá bá gbà.

Ọmọ Yábà
Tí ọ̀gá ò bá gbà kí páálí dín ńkọ́?

Bàbá Ìṣirò
Nígbà náà, kí Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù pé 30 lójúmọ́ ni ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn fi tà, ìyẹn sì jẹ́ 780 tí oṣù bá ní ọjọ́ ìtajà 26.